Jẹnẹrétọ̀ ń dún, mo sì fẹ́ fi ohùn tẹ̀wé: ibo ni kí n gbé máìkì sí?

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Ẹ kú ilé o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Agbowó, ọ̀kánkán Yunifásítì Ìbàdàn. Ọrùn ọwọ́ ń dùn mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú Google Docs. Tí iná bá wà, ó ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti tan jẹnẹrétọ̀, tí àwọn oníbàárà sì ń sọ̀rọ̀, ìsọkúsọ ló ń kọ, `comma` àti `period` kì í sì í yọ mọ́. Lápútọ́ọ̀pù lásán ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé máìkì ni kí n rà ni, àbí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni kò dáa?

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Màmá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mú rúlà, kí ẹ wọn bí ẹnu yín ṣe jìnnà sí ihò máìkì lápútọ́ọ̀pù náà. Ihò yẹn kì í ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà lókè ló sábà máa ń wà. Bí ẹ bá jókòó bí gbogbo ènìyàn ṣe ń jókòó, á tó sẹ̀ǹtímítà 48 tàbí 50. Ibẹ̀ ni wàhálà yín wà.

Máìkì kò mọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó fetí sí. Ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé lọ. Bí ẹ bá ti dín àlàfo ẹnu yín sí máìkì kù sí ìdajì, ohùn yín á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6, ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìró, ga sí i létí rẹ̀. Ẹ gbé e láti 48 sí 24, láti 24 sí 12, ó di 6, ó di 3. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ dá a sí méjì yẹn, dẹ́síbẹ̀lì 24 lẹ ti rí gbà. Tó bá súnmọ́ ètè gan-an, ìṣirò yìí kì í bára mu tán, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́. Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? Ó wà níta, ká ní mítà 5. Kí máìkì sún sẹ̀ǹtímítà 45 kò jámọ́ nǹkan kan fún un, bó ṣe ń dún létí máìkì tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń dún.

Ẹ wá fi wé kí ẹ ra wáyà gígùn láti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí mítà 10. Dẹ́síbẹ̀lì 6 péré náà ni, ògiri àdúgbò sì lè máà jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ariwo gbé jẹnẹrétọ̀ sínú kọ́rídọ̀ o. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, orun ló fi ń pani.)

Íàpíìsì fóònù tó ní máìkì lára wáyà tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Mo dájú pé ẹ ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀.

---

Ọmọ Tẹkí:

Ẹ má da màmá láàmú pẹ̀lú ìṣirò. Kí wọ́n ra íàpíìsì búlútúùtù tó ń pa ariwo rẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Èmi ní ọ̀kan. Tí mo bá fi sétí nínú dánfó, n kì í gbọ́ ẹńjìnnì rárá. Ohun tí mi ò bá gbọ́, ṣé máìkì á wá gbọ́ ọ ni?

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Àbúrò mi, á gbọ́ ọ dáadáa. Pípa ariwo tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, etí rẹ ló wà fún. Ó ń dá ohùn òdìkejì ariwo sílẹ̀ nínú ihò etí rẹ kí ìwọ lè gbádùn orin. Ẹni tó wà lódìkejì fóònù ṣì ń gbọ́ ẹńjìnnì dánfó náà. Pe ẹnì kan kí o bi í.

Àwọn kan wà lóòótọ́ tó tún ń yọ ariwo kúrò nínú ohùn tó ń jáde lọ. Ìyẹn dáa fún ènìyàn tó ń gbọ́ ọ, torí pé ènìyàn lè fojú inú parí ọ̀rọ̀ tó bá fọ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé kò mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ń yọ ariwo, wọ́n a máa gé orí àti ìdí ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi `comma` ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, máìkì búlútúùtù inú etí jìnnà sí ẹnu ju máìkì tó wà lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá sì tan máìkì rẹ̀, ó máa ń bọ́ sí ipò ìpè fóònù, ohùn á wá há bíi tẹni tó wà nínú àgbá.

---

Ọmọ Tẹkí:

Mo gbà pé mo ṣi ọ̀rọ̀ etí mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n tèmi ń tẹ̀wé dáadáa nínú yàrá, ẹ má ní kò wúlò rárá.

---

Ọmọ Òkè-Àrín:

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí ń fi ara yín ṣiṣẹ́ o. Èmi ń ta ọjà ní Òkè-Àrín, ariwo ibẹ̀ ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Tí mo bá fẹ́ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, màá tẹ máìkì WhatsApp mọ́lẹ̀, màá sọ tẹnu mi, màá fi ránṣẹ́. Kí ni a tún ń tẹ̀ ẹ́ fún?

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Ọmọ mi, ṣé kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni? Ìwé ni wọ́n fẹ́ dì.

---

Ọmọ Òkè-Àrín:

Haa, ẹ má bínú màámi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa fóònù, torí mo máa ń fi ohùn kọ iye ọjà sínú nóòtù. Ihò máìkì fóònù wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń ki ṣájà sí. Ìka ọmọńdinrín mi ló máa ń dí i tí mo bá di fóònù mú. Oṣù méjì ni mo fi bú ẹ̀rọ náà kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo ń fún un lọ́rùn. Báyìí, màá tẹ́ fóònù síwájú ẹnu bí ẹni tó fẹ́ gé búrẹ́dì jẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kọjú sí mi. N kì í gbé e sétí mọ́, n kì í sì í pariwo mọ́.

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn. Àti èyí tí o sọ kẹ́yìn pàápàá: ẹ má pariwo. Tí ariwo bá wà, ara máa ń fẹ́ kí a gbé ohùn sókè, a ò ní mọ̀ pé a ń ṣe é. Nígbà tí a bá ń kígbe, à ń fa fáwẹ́lì gùn, ọ̀rọ̀ á wá yàtọ̀ sí bí a ṣe máa ń sọ ọ́. Ohùn tí ẹ fi ń bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ ni kí ẹ lò. Máìkì ló yẹ kó wá bá yín, kì í ṣe pé kí ẹ máa fi igbe lé e bá.

---

Sẹ́kítírì Ìjọ:

Mo dúpẹ́ fún ìjíròrò yìí, ohun tí mo ń wá gan-an nìyí. Ìwàásù pásítọ̀ wa wà lórí fóònù mi, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbé fóònù síwájú kọ̀ǹpútà kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kò kọ ju ìlà mẹ́ta lọ. Ibo ni kí n gbé máìkì sí?

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Sẹ́kítírì, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ o. Ibi tí máìkì wà lọ́jọ́ tí wọ́n wàásù ló ti bàjẹ́. Fóònù yín gbọ́ ohùn láti inú sípíkà, ó gbọ́ ìró tó ń ta padà lára páànù, ó gbọ́ àmín ìjọ. Kò sí ibi tí ẹ gbé e sí lónìí tó lè yọ ìyẹn kúrò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní kí ẹni tó wà nídìí míkísà fún yín ní ohùn láti inú rẹ̀ tààrà. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ fi íàpíìsì sétí, kí ẹ máa gbọ́ gbólóhùn kan, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín tún un sọ fún ẹ̀rọ. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Mo ti padà dé. Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe é, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Mo rí íàpíìsì kan nínú dúrọ́ọ̀ lóòótọ́, mo ki í bọ kọ̀ǹpútà, mo fi ọwọ́ gbé máìkì rẹ̀ síwájú ẹnu bí akọrin. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kà: "The sample was taken from four local governments, namely Egbeda, Akinyele, Lagelu and Ido." Ohun tó kọ kò jọ èyí rárá, kò sì sí kọ́mà kan ṣoṣo níbẹ̀.

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Ẹ má bínú, èmi ni mo yára. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó ti ń jò.

Àkọ́kọ́, ẹ wo idẹ tí ẹ ki bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ ka òrùka dúdú tàbí funfun tó wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì, kò ní máìkì nínú, orin nìkan ló ń gbé. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ó ní máìkì. Tí kọ̀ǹpútà yín bá sì ní ihò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún máìkì, olórùka mẹ́ta yẹn kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí wáyà kékeré tó ń pín in sí méjì.

Ẹ̀kejì, ẹ lọ sí `Settings`, `System`, `Sound`, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Input` sí. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń fò bí ohùn bá wọlé. Ẹ fi èékánná ta máìkì íàpíìsì náà. Ẹ tún fi ta ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà lápútọ́ọ̀pù. Èyí tó bá mú ìlà náà fò jù ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Mo ti rí ẹni tó gbé máìkì tuntun sẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ pé tinú kọ̀ǹpútà ló ṣì ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó wà nínú Windows gba gbólóhùn yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ fúnra yín. Tí ẹ kò bá gbọ́ ara yín yékéyéké, ẹ̀rọ náà ò lè gbọ́. Tí ẹ bá gbọ́ ara yín dáadáa tí ìwé sì ṣì ń bàjẹ́, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ká fura sí, torí pé Google Docs ń rán ohùn yín lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó kọ ọ́.

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Òrùka mẹ́ta ni. Tinú íàpíìsì náà ló ń gbọ́, mo fi èékánná ta á, ìlà náà fò dé òpin. Mo gba ohùn sílẹ̀. Yéè! Bí ẹni pé wọ́n ń ju òkúta sórí páànù. Ibi tí mo bá ti pe "sample" tàbí "Ido period", á dún pàù. Ohùn mi sì ń hó yàà bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú.

---

Àǹtí Lọ́ńdọ́nù:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogún ọdún ni mo ti ń tẹ lẹ́tà dókítà níbí, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ pẹ̀lú ohùn. Ìyá Kọ̀ǹpútà, mo mọ "pàù" yẹn. Èémí yín ni. Tí a bá pe p tàbí b, afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́nu bí ìgbà tí a bá ń fẹ́ná, ó sì ń lu máìkì. Ẹ má gbé e síwájú ẹnu. Ẹ gbé e sí igun ètè, lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ìka méjì lè gba àárín rẹ̀ àti ètè. Tí ẹ bá fẹ́ èémí láti ẹnu, kí ó má kàn án.

Èyí tó ń hó yàà, ẹ ti súnmọ́ máìkì ju bí kọ̀ǹpútà ṣe rò lọ. Ó ṣeé ṣe kí agbára máìkì náà ti wà lókè kó lè gbọ́ ẹni tó jìnnà. Ẹ ti wá dé ibi ìka méjì, agbára yẹn sì ṣì wà lókè, ohùn ń kún, ó ń ya. Níbi `Input` yẹn náà, ẹ fa `Input volume` wálẹ̀. Tó bá wà ní 100, ẹ gbìyànjú 60. Ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ẹ máa wo ìlà náà. Kó fò dé ìdajì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kó má dé òpin.

Ẹ sì má dì í lọ́wọ́, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, wáyà yóò máa fi ara ra aṣọ. Mo fi kílíìpù há tèmi mọ́ etí aṣọ nígbà tí n kò tíì ra èyí tó ní apá.

Kí n tún sọ ìtìjú mi. Nígbà tí mo ra máìkì elápá, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọjú ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́nu. Ojú kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́ràn, òdìkejì wà láti fi dín ariwo yàrá kù. Àmì kékeré kan wà lójú tó yẹ kó kọjú sí ẹnu, tàbí kí ihò rẹ̀ pọ̀ lójú yẹn. Yàrá lápapọ̀ ló ń gbọ́, kò gbọ́ èmi.

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Àǹtí, Ọlọ́run á bùkún yín. 60 ṣì pọ̀ fún tèmi, 55 ló dára. Mo há a mọ́ kọ́là. Mo tún gbé fáànù kúrò níwájú mi, torí nígbà tí mo gbọ́ ohùn mi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń hu létí máìkì ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn ti ń jáde. "Egbeda" nìkan ló kọ bó ṣe fẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ́mà ló kù: nínú mẹ́ta, ọ̀kan ló ń yọ. Ó tún ń kọ `karma` sí àárín ọ̀rọ̀, ó sọ iṣẹ́ ìdánwò di ìwé àwọn ẹlẹ́sìn.

---

Àǹtí Lọ́ńdọ́nù:

Báwo lẹ ṣe ń pè é? Ṣé ẹ máa ń dúró kí ẹ tó sọ `comma`?

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń dúró, kí n tó wá sọ ọ́ ketekete, kó lè mọ̀ pé àmì ni mo ń pè.

---

Àǹtí Lọ́ńdọ́nù:

Ibẹ̀ ni ó ti ń yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e kó tó pinnu. Bí ẹ bá dúró pẹ́ tí ẹ wá sọ `comma` ní òun nìkan nínú ariwo, kò rí ohun tó máa fi mọ̀ ọ́n, ó lè pè é ní ohunkóhun. Ẹ so ó mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú, kí ẹ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń mí. Báyìí ni kí ẹ ṣe kà á, ní èémí mẹ́ta:

```
The sample was taken from four local governments comma
namely Egbeda comma Akinyele comma Lagelu and Ido period
new paragraph
```

`new paragraph` àti `new line` yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ dúró ṣáájú wọn, kí ẹ dúró lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ má dúró láàárín wọn. Tí ẹ bá sọ `new`, tí ẹ mí, tí ẹ wá sọ `paragraph`, ọ̀rọ̀ méjèèjì ló máa kọ sínú ìwé.

Ẹ tún wo orí àwòrán máìkì náà, wọ́n kọ èdè síbẹ̀. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí `English (Nigeria)`. Láti ìgbà tí ẹ bá tẹ `Ctrl+Shift+S` tí máìkì pọ́n, ẹ ka ení, èjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Àǹtí, níbí ni mo ti máa yàtọ̀ sí yín díẹ̀. Nínú ọ́fíìsì Lọ́ńdọ́nù, ẹ lè pe gbogbo kọ́mà. Ní Agbowó tí oníbàárà mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àmì tí ẹ bá pè jẹ́ àǹfààní mìíràn fún ẹ̀rọ láti ṣìnà. Kọ́mà tó bá ṣìnà kì í kàn sọnù, ó ń di ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ wá kiri láti pa rẹ́. Èmi á ní kí màmá máa pe `period` àti `new paragraph` nìkan nígbà tí ariwo bá pọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ fi kọ́mà sí i nígbà tí wọ́n bá ń ṣàtúnkà.

---

Àǹtí Lọ́ńdọ́nù:

N kò gbà. Ọrùn ọwọ́ tó ń dùn wọ́n ló gbé wọn wá. Ẹ wá ní kí wọ́n padà fi ọwọ́ tẹ ogójì kọ́mà lójú ìwé? Ẹni tí kò bá sì pe kọ́mà máa ń gbàgbé bí gbólóhùn ṣe lọ, á wá máa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn dókítà tí mo bá ṣiṣẹ́ tí wọn kì í pe àmì, èmi ni wọ́n ń fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún.

---

Ọmọ Tẹkí:

Ẹ̀yin méjèèjì, Windows ní tirẹ̀. Ẹ tẹ `Win+H`, ẹ tan `Automatic punctuation`, á máa fi àmì sí i fúnra rẹ̀. Kò sí ìjà mọ́.

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Tó bá jẹ́ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, ó dáa. Ibi tí ènìyàn bá ti dánu dúró ló fi ń mọ ibi tí àmì wà, pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ ṣe tò. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ti kún ibi tí ẹ dánu dúró, ọ̀nà kan ti dí nínú méjì. Ohun tó sì ń ba ènìyàn jẹ́ jù ni kí ẹ tàn án, kí ẹ tún máa pe `comma` lẹ́nu. Àmì méjì lè wọlé lójú kan.

---

Olùkọ́ Èdè:

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń fi Yorùbá sọ ọ́ nínú fóònù, nítorí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Mo ní "kọ́mà", ó kọ kọ́mà sílẹ̀ ní lẹ́tà. Mo ní "àmì ìdánudúró", ó kọ ọ́ gbooro. Ṣé ohùn mi ni?

---

Àǹtí Lọ́ńdọ́nù:

Kì í ṣe ohùn yín, Olùkọ́. Kì í ṣe gbogbo èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní orúkọ àmì nínú rẹ̀. Ẹ lo ọgbọ́n tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ìyá mi: ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tí kò lè wọ inú ìwé yín, tí ẹ̀rọ sì ń kọ bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ariwo kí ẹ tó yàn án. Tó bá kọ ọ́ lónírúurú, ẹ wá òmíràn. Èmi ń lo "sìmẹ́ńtì" fún ìdánudúró, "kárọ́ọ̀tì" fún kọ́mà. Tí mo bá parí, màá gbé e sínú Google Docs, màá tẹ `Ctrl+H`, màá fi àmì rọ́pò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí fi àyè kan ṣáájú ọ̀rọ̀ náà níbi tí ẹ ti ń wá a, kí àmì má baà jìnnà sí ọ̀rọ̀.

---

Olùkọ́ Èdè:

Mo dán an wò lóru àná. Ó ṣiṣẹ́, àfi ibi tí alága ti ń ròyìn ilé ẹgbẹ́ tí à ń kọ́. "A ra àpò. ọgọ́rùn-ún" ló wà níbẹ̀. Mo gbàgbé pé sìmẹ́ńtì gan-an là ń sọ. Mo ti yí tèmi sí "píánò".

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Ẹ rẹ́rìn-ín, irú rẹ̀ ṣe mí! Akẹ́kọ̀ọ́ kọ "during the period under review", àmì ló fi sí àárín: "during the." Ó wá fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ "Under".

---

Àǹtí Lọ́ńdọ́nù:

Ẹ ka gbogbo rẹ̀ ní èémí kan, kí ẹ yára díẹ̀ níbẹ̀, nígbà mìíràn á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Tó bá kọ̀, ẹ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀, bíi `season`, kí ẹ fi `Ctrl+H` yí i padà lẹ́yìn. Orúkọ ìlú bíi Egbeda náà, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò sí máìkì tó máa tún ìyẹn ṣe.

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Àbọ̀ mi rèé. Mo ka ojú ìwé kan lónìí pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, mo so kọ́mà mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ bí Àǹtí ṣe ní. Kọ́mà 23 ló wà níbẹ̀, 20 wọlé. Mo ka ojú ìwé tó tẹ̀lé e bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ní, láìpe kọ́mà. Ó yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo pẹ́ lórí àtúnkà débi pé ọmọ tó ni iṣẹ́ sùn lọ. Ti Àǹtí ni mo mú, títí di agogo mẹ́rin. Agogo mẹ́rin ni ìyá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kò jẹ́ kí `comma` kan kọjá.

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Apá ibo ni ìyá aláta wà sí yín, iwájú tàbí ẹ̀yìn?

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Apá òsì, ibi tí mo há máìkì sí gan-an.

---

Bàbá Gbohùngbohùn:

Ẹ há a sí kọ́là apá ọ̀tún kí orí àti ara yín dúró láàárín òun àti ẹ̀rọ ata. Tàbí kí ẹ yí tábìlì padà kí ẹ̀yìn yín kọ sí i. Ẹ ṣe ọ̀kan lọ́la ní agogo mẹ́rin, kí ẹ ka kọ́mà tó wọlé fún mi.

---

Ìyá Kọ̀ǹpútà Agbowó:

Tábìlì ò ṣe é yí, ibi iná ló dúró sí. Màá gbé máìkì lọ sí ọ̀tún. Oníbàárà ti dé, ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn.